Ọ̀rá Iyọ̀ Kan, Ọjọ́ Méjìdínlógún: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tí Ó Ń Dáná fún Ẹlẹ́jẹ̀ Ríru

Ènìyàn márùn-ún ni mò ń dáná fún nínú ilé wa ní Ẹ̀pẹ́: ọkọ mi, ìyá rẹ̀, àwọn ọmọ wa méjì tí wọ́n ti bàlágà, àti èmi fúnra mi. Nígbà tí wọ́n sọ fún ọkọ mi ní ilé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n fún un ní oògùn, wọ́n sì ní kí ó lọ dín iyọ̀ kù. Gbogbo ìmọ̀ràn tí a gbà lórí iyọ̀ kò ju gbólóhùn kan yẹn lọ. Èsì tí mo fọ̀ nígbà náà ni pé èmi kì í fi iyọ̀ púpọ̀ sí ọbẹ̀, n kò sì parọ́, nítorí ìka mẹ́ta ni mo fi ń bu iyọ̀, ojú ni mo sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìka mẹ́ta yẹn ń wọ inú ìkòkò lọ́pọ̀ ìgbà kí ọbẹ̀ tó jinná, àti pé nǹkan bí ìdajì mágì tí mo ń fọ́ lé e lórí, iyọ̀ ni.

Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí kò fi bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn oúnjẹ tí ó yẹ kí a sá fún. Ara ọ̀rá iyọ̀ tí ó wà nínú ilé ìdáná ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nínú ilé tí a ti ń jẹ ọbẹ̀ lójoojúmọ́, ìkòkò ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iyọ̀ ń gbà wọlé, ẹni tí ó ń dáná ni ó sì mú ìdarí rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe aláìsàn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ kọ ọjọ́ sí ara ọ̀rá iyọ̀

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà kan ń jẹ ní ọjọ́ kan má tó 5 gíráàmù. Èyí kò kún ṣíbí tíì kan tí a fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kí ó tẹ́jú. Gbogbo iyọ̀ ni ó wà nínú ìṣirò yẹn: ti inú ọbẹ̀, ti inú mágì, ti inú búrẹ́dì, àti ti inú oúnjẹ tí a rà níta. Ohun tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú iyọ̀ ni sódíọ̀mù. Bí ó bá pọ̀ nínú ara, ṣe ni ó ń fa omi mọ́ra, tí omi náà ń mú kí ohun tí ń ṣàn nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ti ògiri iṣan pẹ̀lú agbára ju bí ó ti yẹ lọ.

Kí ẹ tó dín ohunkóhun kù, ẹ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ ń jẹ. Kò gba òṣùwọ̀n. Ẹ ra ọ̀rá iyọ̀ tuntun kan tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ara rẹ̀. Èmi máa ń ra èyí tí ó jẹ́ 250 gíráàmù. Ẹ fi báírò kọ ọjọ́ tí ẹ já a sí ara ọ̀rá náà, kí ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni gbogbo ilé yóò máa lò títí yóò fi tán. Ẹ wá agolo mílíìkì kan tí ó ti ṣófo, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, kí gbogbo ìwé tí ẹ bá tú kúrò lára mágì máa wọ inú rẹ̀ dípò kí ẹ jù ú nù. Iyọ̀ tí ẹ fi ń fọ ohun yíyọ̀ kúrò lára ẹja àrọ̀, tàbí tí ẹ fi ń fọ ìgbín, kí ó ní ọ̀rá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ìlú tí ẹja pọ̀ bí Ẹ̀pẹ́, ẹni tí kò bá ya iyọ̀ ìfọja sọ́tọ̀ yóò ṣi ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ní ọjọ́ tí iyọ̀ bá tán, ẹ ka iye ọjọ́ tí ó lò, kí ẹ sì da ìwé mágì jáde kí ẹ kà á. Ọ̀rá tèmi lo ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìwé mágì tí ó wà nínú agolo jẹ́ 54. Ó yà mí lẹ́nu débi pé mo tún un kà, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, ìdajì iye yẹn ni ǹ bá fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Bí a bá pín 250 gíráàmù sí ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó jẹ́ nǹkan bíi 28 gíráàmù lójúmọ́. Bí a bá pín in fún ènìyàn márùn-ún, ó jẹ́ 5.6 gíráàmù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mágì 54 ní ọjọ́ mẹ́sàn-án jẹ́ mẹ́fà lójúmọ́. Èyí tí mo ń lò jẹ́ 4 gíráàmù ní ẹyọ kan, nǹkan bíi 2 gíráàmù nínú rẹ̀ sì jẹ́ iyọ̀, nítorí náà mágì mẹ́fà gbé 12 gíráàmù iyọ̀ wá, tí í ṣe 2.4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ 8 gíráàmù. A kò tíì fi ẹnu kan búrẹ́dì o, a kò sì tíì dárúkọ ìndómì tí àwọn ọmọ ń sè lálẹ́.

Kì í ṣe gbogbo mágì ni iyọ̀ inú rẹ̀ dọ́gba, nítorí náà ẹ wo ẹ̀yìn páálí tiyín. Bí wọ́n bá kọ iyọ̀ sí i tààrà, ó ti tán. Bí ó bá jẹ́ sódíọ̀mù ni wọ́n kọ, ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó mọ iyọ̀ tí ó jẹ́. Bí àpẹẹrẹ, bí 100 gíráàmù mágì bá ní 20,000 mílígíráàmù sódíọ̀mù, iyọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50,000 mílígíráàmù, ìyẹn 50 gíráàmù, tí í ṣe ìdajì mágì náà gan-an. Àwọn kan wà tí ó ju ìdajì lọ.

Mo mọ̀ pé ìṣirò yìí kò péye bíi ti ilé àyẹ̀wò. Ẹni tí ó ń fi ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ ń jẹ ju ẹni tí kò fẹ́ràn ọbẹ̀ lọ, omi tí a fi se iṣu tí a sì dà nù sì ti gbé iyọ̀ díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ilé kan náà ni a ó tún wọ̀n lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ọ̀nà kan náà, nítorí náà ìyàtọ̀ tí ó bá wà láàárín ọ̀rá àkọ́kọ́ àti èyí tí ó tẹ̀lé e yóò sọ òótọ́.

Ibi tí a ń lọ wá ṣe kedere. Mo yọ gíráàmù kan ààbọ̀ sílẹ̀ nínú márùn-ún fún búrẹ́dì àti ohun tí a ń jẹ níta. Ó ku mẹ́ta ààbọ̀ fún ìkòkò. Fún ènìyàn márùn-ún, ìyẹn jẹ́ 17.5 gíráàmù lójúmọ́. Bí mágì méjì bá kó 4 nínú rẹ̀, iyọ̀ gidi tí ó kù jẹ́ 13.5, ṣíbí tíì méjì tí ó tẹ́jú àti díẹ̀ lé. Pẹ̀lú ìwọ̀n yìí, ọ̀rá iyọ̀ tí ń lo ọjọ́ mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀ yẹ kí ó máa lo ọjọ́ méjìdínlógún. Iye ọjọ́ yẹn ni mo kọ mọ́ ara ògiri ilé ìdáná, n kò kọ gíráàmù kankan.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka iye ìgbà tí iyọ̀ ń wọ ìkòkò kan

Ní Sátidé kan, mo se ọbẹ̀ ata ọjọ́ mẹ́ta bí mo ti máa ń sè é, ṣùgbọ́n mo gbé ṣíbí tíì dání. Gbogbo ibi tí ìka mi bá ti fẹ́ bu iyọ̀, mo kọ́kọ́ dà á sínú ṣíbí náà. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé ìbù méjì tí mo fi ìka mẹ́ta bù kún ṣíbí tíì kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 6 gíráàmù.

Ẹja àrọ̀ tí mo rà ní Ọjà Olúwo ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn. Mo gé e, mo fi ṣíbí iyọ̀ kan àti mágì méjì pa á lára, mo sì din ín. Mo gbé ẹran kaná. Ṣíbí iyọ̀ kan, mágì mẹ́ta. Mo din ata. Ṣíbí iyọ̀ méjì, mágì mẹ́ta. Mo da omi ẹran sínú ata náà, mo tọ́ ọ wò, ó dà bí ẹni pé nǹkan kù ú, mo sì fọ́ mágì méjì sí i. Ṣíbí iyọ̀ mẹ́rin jẹ́ 24 gíráàmù, mágì mẹ́wàá gbé 20 wá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44 gíráàmù nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Fún ènìyàn márùn-ún ní ọjọ́ mẹ́ta, ó kù díẹ̀ kí ó pé 3 gíráàmù lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti inú ọbẹ̀ ata nìkan. Ìrẹsì tí a fi jẹ ẹ́ ní iyọ̀ tirẹ̀, ẹ̀wà ní tirẹ̀, ẹ̀fọ́ ní tirẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìkòkò yẹn ju iye lọ. Nígbà tí a bá fi iyọ̀ sí ata láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ omi ṣì wà nínú ìkòkò, nítorí náà iyọ̀ náà kò ní hàn lẹ́nu, a ó sì tún bù sí i. Bí ata bá ti ń hó, omi ń gbẹ ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í gbẹ. Nígbà tí òróró bá fi lé téńté, iyọ̀ tí ó yẹ omi púpọ̀ ti há sínú omi díẹ̀. Bákan náà ni omi ẹran: a fi iyọ̀ sí i nígbà tí ó kún ìkòkò, a wá jẹ́ kí ó hó títí yóò fi ku ìdajì. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ pé ọbẹ̀ àná dùn ju ti òní lọ, ara ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà tí a bá gbóná ọbẹ̀ ni omi rẹ̀ ń dín kù. Ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n ní Sátidé lè ti le ní ọjọ́ Ajé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan iyọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ jẹ́ kí iyọ̀ wọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, ní ìgbẹ̀yìn

Bí mo ṣe ń se ìkòkò kan náà báyìí nìyí. Ẹja kò rí iyọ̀ rárá kí ó tó wọ inú òróró. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fún sí i lára, pẹ̀lú atalẹ̀ tí mo gún àti ata gígún díẹ̀, mo sì jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Mo fi aṣọ nù ún gbẹ dáadáa kí n tó din ín, nítorí ẹja tí ó tutù kì í pọ́n, ẹja tí kò bá sì pọ́n ni ẹnu máa ń bá iyọ̀ wá. Ẹran gba àlùbọ́sà ńlá kan tí mo gé wẹ́wẹ́, aáyù, atalẹ̀, táìmù, àti mágì kan. Kò gba iyọ̀. Mo jẹ́ kí ẹran àti àlùbọ́sà fi omi ara wọn hó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó bu omi sí i, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ẹran ti ń rí adùn.

Ata ni ó gba sùúrù jù. Tòmátì, tàtàṣé àti ata rodo tí mo lọ̀, mo kọ́kọ́ sè wọ́n kí omi wọn gbẹ, kí n tó dà wọ́n sínú òróró tí mo ti fi àlùbọ́sà din. Mo dín iná kù, mo sì din ín títí tí ìkan rẹ̀ fi lọ, tí òróró sì yọ sí ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá yára níbí ni ó máa ń fi mágì bo ìkan ata mọ́lẹ̀. Èmi náà ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn èyí ni omi ẹran wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú edé gígún ṣíbí ìjẹun méjì àti mágì méjì. Mo jẹ́ kí ó hó títí tí yóò fi ki tó bí mo ti fẹ́ ẹ.

Ìgbà tí ọbẹ̀ bá ti ki tán, tí mo sì ti pa iná, ni mo tó mú iyọ̀. Ṣíbí tíì kan ààbọ̀ tí ó tẹ́jú ni mo fi sí i, mo rò ó pọ̀, mo dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ó tutù díẹ̀ kí n tó lá a. Iyọ̀ kan ààbọ̀ jẹ́ 9 gíráàmù, mágì mẹ́ta gbé 6 wá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Fún ènìyàn márùn-ún ní ọjọ́ mẹ́ta, gíráàmù kan péré ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Nígbà tí mo bá sì fẹ́ gbóná ọbẹ̀ náà lọ́jọ́ kejì, mo kọ́kọ́ bu omi gbígbóná díẹ̀ sí i.

Ìrẹsì funfun kò gba iyọ̀ mọ́. Ọbẹ̀ ni a fi ń jẹ ẹ́, ọbẹ̀ náà ní iyọ̀, ẹ̀bà tí a sì ti ń jẹ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní iyọ̀ kankan, kò sì sí ẹni tí ó ṣàwáwí sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ má dín gbogbo rẹ̀ kù lọ́jọ́ kan

Bí mo ti kọ ọ́ sókè yìí kọ́ ni mo ṣe é ní ọjọ́ kan náà. Ahọ́n nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí iyọ̀ díẹ̀ tó tó o, ẹni tí ó bá sì gé mágì mẹ́wàá sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà yóò rí i pé gbogbo ilé ti ń jẹun ní bùkátérià. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, iyọ̀ inú ìrẹsì àti iyọ̀ tí mo ń fi pa ẹja lára nìkan ni mo yọ, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tẹ̀lé e, mo gé mágì inú ìkòkò sí mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni mo tó gé e sí mẹ́ta, tí mo sì sún iyọ̀ sí ìgbẹ̀yìn.

Ìgbà kejì yẹn ni ìjà dé. Ìyá ọkọ mi jẹ òkèlè méjì, wọ́n sì gbé ojú sókè: “Ìyàwó mi, ṣé ara yín yá? Ọbẹ̀ yìí kò sọ nǹkan kan létí mi.” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Mà, nítorí ara ọmọ yín ni.” Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta mo bá iyọ̀ tí wọ́n di sínú ọ̀rá kékeré lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. N kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ahọ́n àgbàlagbà kì í tètè gbọ́ iyọ̀ bíi ti ọ̀dọ́, iyọ̀ tí a bá sì wọ́n sí ojú oúnjẹ a máa kan ahọ́n ju èyí tí ó ti yòrò sínú ìkòkò lọ, tí ó fi jẹ́ pé díẹ̀ ni yóò tó. Mo wá ìgò kékeré kan fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé inú ọ̀rá tí mo kọ ọjọ́ sí ni kí a ti máa bù ú, kí ìṣirò má baà bàjẹ́. Èyí tí wọ́n ń wọ́n kò pọ̀. Ọkọ mi ni a kò jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan ìgò náà.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé nǹkan kò lọ déédéé

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a yọ mágì kan kí ìka sì lọ bu iyọ̀ dípò rẹ̀, tàbí kí a yọ iyọ̀ kí a sì fọ́ mágì méjì sí i. Agolo àti ọ̀rá ni yóò tú àṣírí rẹ̀: bí ìwé mágì bá dín kù ṣùgbọ́n tí iyọ̀ ń yára tán, a kàn gbé e láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì ni. Èkejì ni èlò ọbẹ̀ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá pélébé. Kò ní ìwé tí a lè kà sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan, iyọ̀ sì pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Kórì pàápàá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ra èyí tí wọn kò kọ iyọ̀ sí ara ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Irú dára gidigidi láti fi rọ́pò mágì nínú ẹ̀fọ́ àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n àwọn kan a máa da iyọ̀ sí i kí ó má baà bàjẹ́. Ẹ fi ahọ́n kàn án lọ́jà. Bí ó bá ní iyọ̀, ẹ fi omi ṣàn án, tàbí kí ẹ má tún bu iyọ̀ mìíràn sí ìkòkò náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹja gbígbẹ. Èyí tí wọ́n kàn fi iná yan kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti rẹ sínú omi iyọ̀ ṣáájú a máa kó iyọ̀ wọ inú ìkọ́kọrẹ́ láìjẹ́ pé a mọ̀. Omi gbígbóná ni kí ẹ fi rẹ ẹ́, kí ẹ sì da omi náà nù. Káún náà ní sódíọ̀mù nínú, bí ẹnu kò tilẹ̀ gbọ́ ọ bí iyọ̀, nítorí náà ewédú àti ẹ̀wà tí a fi káún sè kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò yìí. Mo ti fi ìjábẹ̀ rọ́pò rẹ̀ nínú ewédú, ó sì ń fà dáadáa. Ẹ̀wà ni mo máa ń rẹ mọ́jú.

Fún ìndómì, ìdajì ọ̀rá èlò rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń lò. Lórí èyí, a ṣì ń jà.

Àwọn kan yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ ra iyọ̀ tí wọ́n ti fi pọ̀tásíọ̀mù rọ́pò díẹ̀ nínú sódíọ̀mù rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń rà láìbéèrè. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣe dáadáa kò lè tètè lé pọ̀tásíọ̀mù jáde, bí ó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi lisinopúríìlì àti sipironoláátóònù, náà a máa dá pọ̀tásíọ̀mù dúró sínú ara. Ẹ gbé oògùn yín lọ han dókítà tàbí apòògùn kí ẹ tó fi irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìkòkò.

Ìgbésẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn: Ẹ wo nọ́ńbà

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ru kì í sábà pariwo. Ẹ má fi orí fífọ́ tàbí ara yíyá mọ̀ bóyá ó ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín iyọ̀ kù, ẹ wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ méje, ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì nígbà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan láàárín. Kí ẹni náà kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kí ó gbé apá lé tábìlì ní déédéé àyà rẹ̀, kí ó má sì sọ̀rọ̀. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ ro ìyókù pọ̀, kí ẹ sì fi iye ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n pín in. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tún un ṣe bákan náà.

Ẹ má retí pé yóò wó lulẹ̀. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí ó sì dín iyọ̀ kù ní nǹkan bíi 4 gíráàmù lójúmọ́, ohun tí a sábà ń rí ni pé nọ́ńbà òkè yóò lọ sílẹ̀ ní nǹkan bíi 5, àwọn kan jù bẹ́ẹ̀, àwọn kan kò tó bẹ́ẹ̀. Ti ọkọ mi jẹ́ 152 lórí 94 kí a tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó jẹ́ 145 lórí 90, pẹ̀lú oògùn kan náà tí ó ń lò látẹ̀yìnwá. Kò tíì tó, dókítà sì sọ bẹ́ẹ̀, ó sì fi kún oògùn rẹ̀. Mo sọ èyí nítorí àwọn tí wọ́n máa ń ju oògùn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti rí i pé ọbẹ̀ àwọn kò ní iyọ̀ mọ́. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹni tí ó ń lo oògùn nígbà tí ó bá dìde, kí ó sọ fún dókítà, nítorí ó lè jẹ́ pé oògùn náà ni yóò dín kù. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni yóò dín in. Bí nọ́ńbà òkè bá sì lé ní 180, tàbí ti ìsàlẹ̀ lé ní 120, tí àyà ń dùn ún, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ́, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ kú, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀ mọ́.

Ọ̀rá iyọ̀ tí mo já kẹ́yìn lo ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ìwé mágì inú agolo sì jẹ́ 36. Ó jẹ́ nǹkan bíi 3.8 gíráàmù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ó fi díẹ̀ ju ohun tí mo ń wá lọ. Mo mọ ibi tí ìyókù gbà lọ: àwọn àlejò sùn tì wá ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, mo sì se ìkọ́kọrẹ́ ìkòkò ńlá fún wọn, ojú àlejò kò sì jẹ́ kí n gbé ṣíbí tíì dání.